Ta Ló Ń Ta Àyè Ai-tí fún Ọmọ Yín?

Lọ́dọọdún, bí ìdánwò sáà kejì bá ti ń parí lọ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Òkè-Ògùn tó wà ní Ṣakí, ìbéèrè kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní: níbo ni wọn yóò ti ṣe ai-tí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí ní ọgbà Yunifásítì LAUTECH tó wà ní Ìsẹ́yìn, níbi tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gbọ́dọ̀ fi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan, kí wọ́n lọ fi ọwọ́ ara wọn kan iṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn. Oko ń bẹ níbẹ̀ lọ súà, ilé ìwòsàn ń bẹ, ọjà ń bẹ, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kò sì wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá tí ẹnjiníà yóò wà nínú rẹ̀, tí yóò máa bu ọwọ́ lu ìwé àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò pọ̀ rárá. Nítorí náà, ọ̀nà Ìbàdàn, Èkó àti Àbújá ni ojú àwọn ọmọ ń wò, ojú òbí náà sì ń bá wọn wò ó.

Inú àlàfo yìí ni àwọn gbájúẹ̀ ń gbà wọlé. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan á ṣàdédé yọ nínú ẹgbẹ́ Wọ́tísáàpù àwọn ọmọ kíláàsì pé ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ní àyè fún akẹ́kọ̀ọ́ 20, pé 40,000 náírà ni wọn yóò máa san lóṣooṣù, pé ilé gbígbé wà, pé àyè mẹ́rin péré ló kù, àti pé kí ẹni tó bá fẹ́ san 3,500 náírà fún fọ́ọ̀mù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọmọ á gbé fóònù lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀. Ìyá á wo ọmọ, á ronú kan owó tó wà lábẹ́ ẹní, á sì bi ara rẹ̀ pé kí ni 3,500 jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ iwájú ọmọ òun.

Kí a tó dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi jọ irọ́ ní etí rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń sanwó. Bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ òfì híhun ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí tilé-toko mọ̀ mọ́ aṣọ òkè, òbí rẹ̀ á mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọ́n á dá iye ọdún, wọ́n á dá iye owó, wọ́n á gbàdúrà, nígbà mìíràn wọ́n á kọ ìwé àdéhùn, ẹlẹ́rìí á sì jókòó tì wọ́n. Nígbà tí ọmọ bá parí, wọ́n á tún náwó lé ìgbòmìnira rẹ̀ lórí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fúríídọ̀mù. Bí ti aránṣọ ṣe rí nìyẹn, bí ti mẹkáníìkì náà ṣe rí nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún òbí pé kó sanwó kí ọmọ rẹ̀ lè kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ láti kékeré ló gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣọ́ owó náà nínú àṣà wa. Òbí ti rí òfì, ó ti rí ọ̀gá lórí ìjókòó iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti di ọ̀gá fúnra wọn. Bí ìjà bá dé, ó mọ ẹni tí yóò pe àwọn méjèèjì jókòó. Ohun tí gbájúẹ̀ ṣe ni pé ó mú owó sísan nìkan jáde nínú àṣà náà, ó sì da gbogbo ohun tó ń ṣọ́ ọ nù. Èkejì sì tún wà tó ju ìyẹn lọ: ai-tí kì í ṣe irú ìkọ́ṣẹ́ yẹn rárá. Ọ̀nà tí owó ń gbà nínú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà náà kò nílò ọgbọ́n mìíràn púpọ̀.

Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀, àjọ tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Jọ́ọ̀sì. Ní 1973 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ai-tí, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tó ń jáde nílé-ìwé mọ ìwé ṣùgbọ́n wọn kò mọ iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ń lò láàárín ọdún kìíní àti ìkejì. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ àwọn ti yunifásítì ń lò. Òfin àjọ yìí, lẹ́yìn àtúnṣe tó dé bá a ní 2011, sọ pé agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ITF lọ́dọọdún. Ó tún sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti wá kọ́ṣẹ́. Ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ tó gba ọmọ yín, ojúṣe ló ń ṣe. Kò sí ọjà kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ tà.

Akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ètò yìí ń sanwó fún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2,500 náírà lóṣù ni ITF ń fún akẹ́kọ̀ọ́ SIWES, owó tí kò tó nǹkan mọ́ rárá, tó sì máa ń pẹ́ kó tó dé débi pé ọmọ lè ti gbàgbé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò fi owó yìí rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó dojú kọ: ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá láàánú, ó lè fi owó ọkọ̀ tàbí oúnjẹ ọ̀sán kún un. Bí kò bá láàánú, kò ní fún un ní nǹkan kan, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di ayédèrú. Ọ̀pọ̀ ai-tí tòótọ́ ni kò ní owó oṣù. Ohun tí kò sí nínú ètò náà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sanwó fún ilé-iṣẹ́ kí ó tó lè ní àyè.

Ìwé náà sì ní ọ̀nà tó ń tọ̀. Láti ilé-ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka tó ń bójú tó SIWES yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà tí yóò fi ṣàfihàn ara rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé e lọ, nígbà mìíràn sí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí tí ọ̀kan yóò fi gbà á. Èyí tó bá gbà á yóò kọ lẹ́tà ìgbàwọlé padà sí ilé-ìwé. Bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ yóò bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù SPE-1, èyí tí yóò lọ sí ọ́fíìsì ITF tó wà ní agbègbè náà láti fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò máa yẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ láti ilé-ìwé yóò wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìparí, wọn yóò kún Fọ́ọ̀mù 8, ọwọ́ ilé-iṣẹ́, ti ilé-ìwé àti ti ITF yóò sì wà lórí rẹ̀. Owó kékeré lè wọ inú èyí, bí i ti ìwé àkọsílẹ̀ tàbí ti ẹ̀dà fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni wọ́n ń san irú owó bẹ́ẹ̀ sí, ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san owó ilé-ìwé yòókù, rìsíìtì sì wà fún un.

Ẹ ṣàkíyèsí pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá ilé-iṣẹ́ lọ pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Nínú ti gbájúẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kiri lórí fóònù, kò sì bèèrè lẹ́tà kankan.

Ibì kan wà tí ọ̀nà yìí ti já, ibẹ̀ ni ewu sì pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn tí ọmọ bá gba ìwé-ẹ̀rí ND, wọ́n ń retí pé kó fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́ kó tó lè wọlé fún HND. Ọdún kan yìí kò sí lábẹ́ SIWES. ITF kì í sanwó fún un, olùkọ́ kì í wá bẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ náà kò sì sí lábẹ́ ilé-ìwé kankan mọ́. Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ pé ó lo ọdún kan lọ́dọ̀ wọn ni ilé-ìwé yóò bèèrè nígbà tó bá padà dé. Gbájúẹ̀ mọ èyí dáadáa. Bí ọmọ yín bá wà nínú ọdún yìí, ẹ̀yin ni ẹ ó di ẹ̀ka SIWES fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni, n kò sì ní ilé-iṣẹ́ kankan lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Ṣakí, tó ń kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ iná mànàmáná, san 3,500 náírà fún fọ́ọ̀mù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kò tó wákàtí méjì tí lẹ́tà fi dé sórí fóònù rẹ̀. Òǹtẹ̀ pupa wà lórí rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà dán gbinrin lókè. Wọ́n kí i kú oríire. Wọ́n wá ní kó san 18,000 náírà fún káàdì ìdánimọ̀, aṣọ iṣẹ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta, kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ń wá owó náà kiri. Ìbátan wọn kan tó ń gbé Ìbàdàn ló ní kí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí òun ná.

Ohun tí ìbátan yìí kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ka lẹ́tà náà. Àwọn tó kọ ọ́ kò dárúkọ ilé-ìwé ọmọ náà. Wọn kò sọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń kọ́, wọn kò mọ̀ bóyá oṣù mẹ́rin ni tàbí ọdún kan, wọn kò sì sọ ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́tà ìgbàwọlé tòótọ́ máa ń dá lẹ́tà mìíràn lóhùn: ó máa ń sọ pé a rí lẹ́tà ilé-ìwé yín tí ẹ kọ ní ọjọ́ báyìí, a ti gba ọmọ yín sí ẹ̀ka báyìí, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ lo ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ iná kò ní gbà á láìbèèrè bóyá iná ló ń kọ́ tàbí ìṣirò owó. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ yìí, bí a bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ tí a fi ti agbẹ̀bí sí i, yóò bá a mu.

Ó wá gbé fóònù tirẹ̀, ó ṣí ojú-ìwé báǹkì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́wàá tí wọ́n fún ọmọ náà, ó sì yan báǹkì náà. Orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì jáde lójú ẹsẹ̀, láìtíì san kọ́bọ̀. Orúkọ ènìyàn kan ni, ọ̀dọ́kùnrin ni ó jọ, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan nìyí, ó sì ya mí lẹ́nu pé àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé akápò ilé-iṣẹ́ ló ni àkáǹtì náà, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ tó lè san 40,000 náírà lóṣù fún ọmọ 20 kò ní àkáǹtì tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó wo orúkọ náà lórí ojú-ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè wá orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rí i níbẹ̀! Bàbá ọmọ fẹ́ máa yọ̀, ṣùgbọ́n ìbátan wọn ní kó dúró. Ohun tí CAC ń sọ kò ju pé ẹnì kan ti lọ forúkọ náà sílẹ̀. Kò sọ pé ilé-iṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì, tàbí òṣìṣẹ́, tàbí iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe. Orúkọ òwò lásán, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BN, kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbà. Ó sì tún ṣeé ṣe kí gbájúẹ̀ jí orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni lò. Bí ẹ kò bá rí orúkọ náà rárá, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan.

Ó kù kí wọ́n lọ wo ojúlé. Àdírẹ́sì tó wà lórí lẹ́tà náà kò jìnnà sí ibi tí ìbátan yìí ti ń ṣiṣẹ́, ó sì yà síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó lẹ́nu géètì.

"Ẹ káàsán o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba àwọn ọmọ ai-tí ni mò ń wá. Nọ́ńbà ilé yìí ló wà lórí ìwé wọn."

"Ẹ káàsán, ìyá. Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ yìí. Búrẹ́dì la ń ṣe níbí, a ò gba ọmọ ai-tí kankan."

"Ẹ ò mọ̀ wọ́n rí?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n. Ọmọ kan gbé báàgì wá láti Kíṣí lánàá. Omi ni mo fún un mu, ló bá padà."

Ẹni tí kò ní ìbátan ní Ìbàdàn ń kọ́? Kò sí àdúgbò kan ní Òkè-Ògùn tí kò ní ọmọ tàbí ọmọ ìjọ tàbí oníbàárà ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ní 2021, ìrìn àjò náà kò tún le bíi tàtijọ́. Bí ó bá jẹ́ Àbújá ni, tí kò sí ẹni tó lè lọ wò ó, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà. Àmọ́ ẹ má ṣe pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà, nítorí ẹni tó kọ lẹ́tà ni yóò gbé e. Ẹ wá nọ́ńbà mìíràn fúnra yín, láti ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ náà tàbí láti ọwọ́ ẹni tó ń bá wọn ṣòwò, kí ẹ sì ní kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tó ń mójú tó òṣìṣẹ́. Ẹ bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà yìí sí ọmọ wa?

Àwọn kan yóò ní kí ni gbájúẹ̀ fẹ́ fi 3,500 náírà ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ 200 bá san án láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, 700,000 náírà nìyẹn. Nínú wọn, bí 30 bá tún san 18,000, 540,000 mìíràn ti wọlé. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣẹ́ ènìyàn jọ. Ẹni tó bá ti san ti fọ́ọ̀mù ti fi hàn pé òun gbà wọ́n gbọ́, òun gan-an ni wọn yóò sì máa pè lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn 18,000, ti ilé gbígbé á tún tẹ̀ lé e. Kò sí ìgbà tí yóò tó títí tí òbí yóò fi dáwọ́ dúró, ìgbà náà ni nọ́ńbà wọn kò ní lọ mọ́.

Ó dun mi pé àwọn tó yẹ kó kọ́ wa pé kí a má sanwó ni wọ́n kọ́ wa pé kí a san án. Ní 2014, ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ìwọlé-wọ̀de Nàìjíríà. Àwọn tó san án lé ní 600,000, nítorí náà owó náà lé ní ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù náírà. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta ọdún náà, wọ́n kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè fún ìdánwò. Èrò ya lu ara wọn, ó kéré tán, ènìyàn 15 ló kú. Ọ̀rọ̀ owó náà dé ilé-ẹjọ́ nígbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ìjọba gidi ni wọ́n lọ wá o, kì í ṣe ti gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ta ni yóò wá bá òbí wí pé ó yẹ kó mọ̀ pé a kì í sanwó ká tó wáṣẹ́? Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fúnra rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ gbájúẹ̀ ń fi orúkọ rẹ̀ ṣọdẹ, kọ ọ́ sí gbangba pé òun kì í gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, ní ìpele kankan.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dúdú tàbí funfun. Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ wà lóòótọ́, ọ́fíìsì wà, àga wà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì wọ́n á kó ọṣẹ àti oògùn lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó lọ tà, kó sì mú ẹni mẹ́ta mìíràn wá tí yóò san owó ìforúkọsílẹ̀. Ọjà títà nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò bu ọwọ́ lu ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ìmọ̀-ẹ̀rọ lórí ọṣẹ. Àwọn mìíràn ń ta ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ń pè é ní ai-tí. Ẹ̀kọ́ náà lè dára, ẹ sì lè sanwó rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka SIWES bóyá wọn yóò kà á sí.

Èyí tó le jù lọ ni ti òṣìṣẹ́ inú ilé-iṣẹ́ gidi tó ní kí ẹ wá nǹkan fún òun kí òun lè bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ojúlé wà, ọ̀gá wà, àyè lè wà. Ọ̀pọ̀ òbí yóò sanwó náà, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta àyè ní kọ̀rọ̀ kò lè fi orúkọ ọmọ sínú ìwé ilé-iṣẹ́ ní gbangba. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn ní oṣù kejì, tàbí tí olùkọ́ bá dé tí wọ́n ní àwọn kò mọ ọmọ náà, oṣù mẹ́rin ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ẹ lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn láìfẹjọ́ ara yín sùn. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ ní kí lẹ́tà ìgbàwọlé kọ́kọ́ jáde láti ọ́fíìsì. Bí lẹ́tà bá ti jáde, kò sí ohun tó kù tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ẹni tó bá ní kí ọmọ kọjá bodè lọ ṣe ai-tí ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí Gánà láìsí lẹ́tà ilé-ìwé kankan, n kò ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Bodè kò jìnnà sí Ṣakí, a sì mọ ohun tí àwọn kan ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe níbẹ̀. Kí ó má lọ.

Bí owó bá ti lọ ńkọ́? Báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ó tó di ọlọ́pàá, nítorí wákàtí ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sọ fún báǹkì yín pé jìbìtì ni, kí wọ́n kàn sí báǹkì tó gba owó kí wọ́n lè de àkáǹtì náà mọ́lẹ̀. Bí owó bá ṣì wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i gbà padà. Bí wọ́n bá ti gbé e jáde, ó ṣòro gan-an, n kò sì ní tàn yín. Ẹ má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́ nítorí ìtìjú. Ẹ tọ́jú rẹ̀, lẹ́tà náà, nọ́ńbà fóònù, rìsíìtì owó, kí ẹ kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ka EFCC tó wà ní Ìyágankú ní Ìbàdàn. Òfin 2006 tó de jìbìtì owó ìṣáájú sọ pé ẹni tó bá fi irọ́ gba owó ènìyàn yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje ó kéré tán, láìsí àyè fún owó ìtanràn, ilé-ẹjọ́ sì lè ní kó dá owó náà padà. Òfin Iṣẹ́ náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa kó òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba. Ẹ sì sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ Wọ́tísáàpù tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí àwọn ọmọ 19 tó kù ṣì ń wá 18,000 kiri.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin inú àpẹẹrẹ wa kò san 18,000 náírà. Ó padà sí ẹ̀ka SIWES, ó gba lẹ́tà mẹ́ta, ó sì gbé wọn kiri: ọ̀kan sí ẹ̀ka tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ìwòsàn, ọ̀kan sí ilé-iṣẹ́ rédíò, ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tó ń fa wáyà iná sí ilé tuntun. Méjì kò dá a lóhùn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìkẹta dáhùn, ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ọwọ́ bù lù. Ó dárúkọ ilé-ìwé rẹ̀ àti ẹ̀ka rẹ̀, ó sọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí yóò máa tẹ̀ lé kiri. Kò ṣèlérí owó oṣù. Ìlà ìkẹyìn rẹ̀ ní kó wá pẹ̀lú bàtà tó nípọn ní àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí ìṣó pọ̀ nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì lọ rà á fún un lọ́jà.